Mo sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì mi, ìwé mi sì ní oṣù kan

Olùṣirò Olúyọ̀lé · Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹsàn-án 2025, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Olúyọ̀lé níbí, ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin rèé. Lọ́sàn-án òní, obìnrin kan tó ń bá iléeṣẹ́ mìíràn wá òṣìṣẹ́ pè mí. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ ti lọ dáadáa. Ó ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, lọ́dọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀, máa wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11. Ó wá bi mí pé, "Nótíìsì yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" Inú ọkọ̀ ni mo wà ní Chállẹ́ńjì, ariwo pọ̀, mo kàn dáhùn pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ó dáa, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo máa bẹ̀rẹ̀ ní Ajé, ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, torí pé ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń lọ ní ìparí oṣù yìí.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó tú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí mo ṣì wà ní oṣù mẹ́fà ìdánwò, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Látìgbà tí wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà pé mo ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, oṣù kan ni, tàbí kí n san owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ṣé kí n pè é padà kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ, àbí kí n dákẹ́ títí wọ́n á fi fún mi ní lẹ́tà? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á mú ẹlòmíì.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá · aago 8:31 alẹ́

Má da ara ẹ láàmú. Òfin òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí ló wà lẹ́yìn ẹ. Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lo ti lò. Ohun tó o sọ tọ̀nà, ohun yòówù tí ìwé wọn lè máa sọ.

Ọmọ Bódìjà · aago 8:40 alẹ́

Dákẹ́ ni tèmi o. Ọ̀nà tí mo gbà rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí nìyẹn. Wọ́n bi mí ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀, mo ní kódà bó bá jẹ́ ọ̀la. Nígbà tí lẹ́tà dé ọwọ́ mi ni mo wá ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fún mi. Tí wọ́n bá ti fẹ́ràn ẹ, wọ́n á dúró. Tó o bá sọ oṣù kan ṣáájú, wọ́n á ju ìwé ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ.

Bàbá Dùgbẹ̀ · aago 9:26 alẹ́

Ìyá Ìbejì, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, mi ò sì fẹ́ kí ó gbé ọmọ yìí ṣubú. Bí abala 11 nínú òfin náà ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún sókè. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alákòóso àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ṣírò owó nílé iṣẹ́ wà ní ààlà yẹn, tí ọ̀rọ̀ bá sì di ti kóòtù, ìwé tó fọwọ́ sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í léèrè. Oṣù kan ni kó fọkàn sí.

Mo lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí n sọ ohun tí obìnrin yẹn ń fi ìdáhùn rẹ ṣe. Kò bi ọ́ kó lè fi yẹ̀ ọ́ wò bóyá o dára. Ó ń ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí àga máa ṣófo. Ó ní ọjọ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ ń lọ, ó ní ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ kí ẹni tuntun jókòó, ó wá ń wò ó bóyá ìwọ lè bọ́ sáàárín méjèèjì. Tí kò bá bọ́ síi, ó láwọn ohun tó lè ṣe sí i: kí wọ́n dá ẹni tó ń lọ dúró díẹ̀ sí i, kí ẹlòmíì nínú ẹ̀ka náà di àga mú, kí wọ́n yára fún ọ ní lẹ́tà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ àkókò, tí kò bá sì mọ̀ ní kùtùkùtù, kò ní lè ṣe ìkankan nínú wọn.

Wá wo ọjọ́ tìrẹ. Ká ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ dáadáa ní ọjọ́ 11. Wọ́n á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́, ìwọ á wá onídùúró méjì, wọ́n lè ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera. Ìyẹn ò ní kéré sí ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Ajé, ọjọ́ 22. O fi ìwé ìkọ̀ṣẹ́sílẹ̀ rẹ lé ọ̀gá lọ́wọ́ ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 23. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lóòótọ́, ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá gan-an ló máa parí. Ṣé o rí i? Kódà pẹ̀lú irọ́ tó o pa láìmọ̀ yẹn, o ò lè jókòó sí àga wọn ní ọjọ́ 6. Tó bá wá jẹ́ oṣù kan, ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ló máa parí. Ajé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 27, lo lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ibi tó o ti ṣìnà gan-an nìyí, ó sì ju ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì lọ: o jẹ́ kí ó kọ ọjọ́ kan pàtó sílẹ̀. Nótíìsì kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè ọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ ló bẹ̀rẹ̀, o ò sì gbọ́dọ̀ fún un níwèé kí lẹ́tà tuntun tó dé ọwọ́ rẹ pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù. Tí wọ́n bá fi ọjọ́ mẹ́wàá falẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá náà yẹ kó sún síwájú lọ́dọ̀ tiwọn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 6 ni wọ́n kọ sílẹ̀, orí rẹ ni ìfàsẹ́yìn wọn máa já lé.

Pè é láàárọ̀ ọ̀la. Sọ fún un pé: "Mo yẹ ìwé mi wò, oṣù kan ni nótíìsì mi, láti ọjọ́ tí mo bá fi ìwé sílẹ̀, màá sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà yín bá tẹ̀ mí lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà ni kó o wá sọ ohun tó lè dín in kù. Ọjọ́ ìsinmi mélòó ló ṣẹ́ kù fún ọ lọ́dún yìí?

Tíṣà Mọ́níyà · aago 9:52 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dà bíi tèmi. Ilé ìwé aládàáni kan ni mo fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan gbáko ni wọ́n kọ sínú ìwé pé a gbọ́dọ̀ fi ṣe nótíìsì, mi ò sì rántí. Mo sọ fún ilé ìwé tuntun pé mo lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo kúrò láàárín sáà. Wọn ò san owó oṣù tí mo ṣe kẹ́yìn fún mi. Nígbà tí ilé ìwé tuntun sì kọ̀wé sí wọn láti béèrè nípa mi, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé mo sá kúrò ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dá lẹ́tà mi dúró nítorí ẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ ìwé ìkọ̀ṣẹ́sílẹ̀ tí wọn ò fi ní bínú?

Ọmọ Bódìjà · aago 10:05 alẹ́

Bàbá, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ìgbà tiyín yàtọ̀. Lónìí, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń du àga kan ní Ìbàdàn yìí, tó fi mọ́ ẹni tó wà nílé tí kò ní nótíìsì kankan. Ẹni tó bá ní oṣù kan ti wà lẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Aláàkóso Ríìnì Róòdù · Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹsàn-án, aago 6:48 àárọ̀

Iṣẹ́ tí obìnrin yẹn ń ṣe ni èmi náà ń ṣe, fún àwọn iléeṣẹ́ tó wà láàárín Ìbàdàn sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí n dá Ọmọ Bódìjà lóhùn torí kò parọ́, ó kàn jẹ́ pé ìrírí tirẹ̀ kò kan gbogbo iṣẹ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kì í dúró lóòótọ́. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀, ẹni tó ń gba ìpè, ẹni tí ọ̀gá fẹ́ lónìí. Fún àwọn wọ̀nyẹn, mo máa ń kọ́kọ́ pe ẹni tó wà nílé. Ṣùgbọ́n nídìí ìṣirò owó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ọ̀gá máa ń fẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń ní. Nígbà tí olùṣirò tó ti lo ọdún mẹ́ta bá sọ fún mi pé ọ̀la lòun máa bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti lé e, tàbí pé bó ṣe máa fi tiwa náà sílẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kí a béèrè dáadáa.

Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú nótíìsì rèé. Orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ni mo máa ń gbé lọ bá ọ̀gá, ọjọ́ tí oníkálukú lè bẹ̀rẹ̀ sì wà níwájú orúkọ rẹ̀. Tí ọ̀gá bá fẹ́ràn ẹni tó máa pẹ́ jù, ó máa ń fọwọ́ sí i nígbà náà pé òun á dúró. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ó ti tán. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjọ́ 6 ni ó fọwọ́ sí, tí ẹni náà wá sọ lẹ́yìn lẹ́tà pé ó di ọjọ́ 27, mo gbọ́dọ̀ padà lọ sọ fún ọ̀gá pé ohun tí mo gbé wá bá a tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Àwọn kan máa gbà. Mo ti rí èyí tó ní kí a pe ẹnì kejì. Ẹnì kejì yẹn kì í sì í mọ̀ pé wọ́n ń fi òun dúró, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, ẹ ò ní gbọ́ kó tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, Olùṣirò, kí o pè é kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, kí orúkọ rẹ tó dé iwájú ọ̀gá. Lẹ́yìn tí o bá pè é, fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ní ímeèlì, ìlà méjì péré tó. Òun náà máa nílò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá bi í lẹ́yìn ọ̀la.

Olùṣirò Olúyọ̀lé · Ọjọ́rú, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an. Mo pè é láago mẹ́sàn-án, kí n tó wọ ọ́fíìsì. Mo sọ ọ́ bí Bàbá ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dáa tí mo tètè sọ, àwọn kò tíì gbé orúkọ dé iwájú ọ̀gá. Ó wá bi mí pé kí ni ọjọ́ tó yá jù tí mo lè bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀gá yẹn fẹ́ ẹni tó máa wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pa ìwé oṣù kẹwàá dé. Mo ní màá dá a lóhùn lálẹ́ yìí.

Bàbá, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ ló ṣẹ́ kù nínú ìsinmi mi.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá · aago 1:37 ọ̀sán

Mo gba àtúnṣe Bàbá o, mi ò mọ̀ pé òfin yọ àwọn kan sílẹ̀. Tí ìsinmi bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, yọ ọ́ kúrò, o ti dín nótíìsì kù nìyẹn. Sọ fún un pé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá.

Bàbá Dùgbẹ̀ · aago 2:15 ọ̀sán

Ẹ rọra, Ìyá Ìbejì. Ìṣirò yín dára: ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn títí dé ọjọ́ 22 bẹ̀rẹ̀ láti Ajé, ọjọ́ 13. Ìyẹn ni pé Ẹtì, ọjọ́ 10, ló máa jókòó nínú ọ́fíìsì kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìsinmi ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Títí di ọjọ́ 22, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù wọn, kò sì lè jókòó sí ibòmíràn. Kò dín kù àfi tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbà pé kí ìsinmi náà jẹ nínú nótíìsì, tí ó sì kọ ọ́ pé òun yọ̀ǹda rẹ̀ láti ọjọ́ 10. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà, torí pé tí wọn ò bá gbà, wọ́n á san owó ìsinmi náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló wà, kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀.

Torí náà, ọjọ́ méjì ni kó o fún obìnrin náà, kó o sì sọ ohun tó so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 27 ni èyí tó dá ọ lójú. Ọjọ́ 13 ni èyí tó ṣeé ṣe bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ. Méjèèjì ló sì dúró lórí pé lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ ní ọjọ́ 22 oṣù yìí. Lọ́nà yìí, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ máa lé wọn kí lẹ́tà má pẹ́. Mo ti rí iléeṣẹ́ tó fi ọjọ́ márùn-ún ṣe ohun tí wọ́n máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, kìkì nítorí pé wọ́n rí i pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá jẹ ń ti ọjọ́ tí ẹni náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú.

Tíṣà, mo rí ìbéèrè yín, ẹ ṣí ojú ewé tuntun fún un, màá bá yín dá sí i. Ẹ má gbàgbé láti gba ẹ̀dà tí wọ́n kọ "a gbà á" sí pẹ̀lú ọjọ́.

Ọmọ Bódìjà · aago 2:44 ọ̀sán

Kí ló dé tí kò fi san owó dípò nótíìsì kó sì máa lọ? Ìwé rẹ̀ gbà á láyè. Iléeṣẹ́ tuntun lè bá a san án.

Olùṣirò Olúyọ̀lé · aago 3:02 ọ̀sán

Mo ronú kan ìyẹn. ₦180,000 ni gbogbo owó oṣù mi, ìdajì rẹ̀, ₦90,000, ni owó oṣù gangan láìsí owó ilé àti owó ọkọ̀. Èwo nínú méjèèjì ni "owó oṣù kan" tí wọ́n kọ? Ìwé mi kò sọ. Ṣé mo sì lè san fún apá kan, ká ní mo ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 10, kí n wá san ti ọjọ́ méjìlá tó kù?

Aláàkóso Ríìnì Róòdù · aago 3:30 ọ̀sán

Mo rí iléeṣẹ́ tó gba gbogbo rẹ̀, mo sì rí èyí tó gba ti owó gangan nìkan. Ti pípín in, kò sí nínú ìwé rẹ, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ ni, wọ́n sì lè kọ̀. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 22, ọjọ́ méjìlá nínú ọgbọ̀n, ₦72,000 ni tó bá jẹ́ gbogbo owó, ₦36,000 tó bá jẹ́ owó gangan. Iléeṣẹ́ tuntun máa ń san irú ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà. Fún ipò tìrẹ, mi ò tíì rí i púpọ̀. Má bá obìnrin yẹn dárúkọ owó lónìí. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ọ.

Bàbá Dùgbẹ̀ · aago 3:51 ọ̀sán

Òfin ní kí a ka owó gangan nìkan, láìsí àlàwáǹsì àti owó àṣekún, nígbà tí a bá ń ṣírò owó dípò nótíìsì. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ó lè má kàn án. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, Aláàkóso lè rí i bí mìíràn.

Aláàkóso Ríìnì Róòdù · aago 4:10 ọ̀sán

Mo rí i bí mìíràn, Bàbá. Ohun tí ẹ̀ka owó wọn bá kọ sínú ìwé ìyanjú ni wọ́n máa yọ. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ rí, ìyẹn ló máa sọ òótọ́ fún un.

Olùṣirò Olúyọ̀lé · Ẹtì, 12 oṣù kẹsàn-án, aago 7:35 alẹ́

Ẹ kú àánú mi. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́rú: ọjọ́ 27 dájú, ọjọ́ 13 bí wọ́n bá yọ̀ǹda mi, méjèèjì bí lẹ́tà bá dé ní ọjọ́ 22. Lánàá, níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fà á jáde. Ó ní, "Mo rí i pé ẹ kọ ọjọ́ méjì." Ó bi mí bí mo ṣe máa fi iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ níbi tí mo wà, mo ṣàlàyé fún un, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn lè ní kí ẹni tó ń lọ máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí di ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá.

Obìnrin náà pè lọ́sàn-án yìí. Ó ní kí n fi orúkọ onídùúró méjì ránṣẹ́ kó tó di Ajé, àti pé kí n má tíì sọ ohunkóhun fún ọ̀gá mi. Ọ̀kan nínú àwọn onídùúró mi wà ní Ọ̀yọ́, mò ń lọ bá a lọ́la. Mo ti bi ẹnì kan tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá nípa owó yẹn náà: gbogbo owó oṣù ni wọ́n yọ lọ́wọ́ tirẹ̀.